Ọjọ́ orí èédú àtijọ́: kí ló dé tí ìṣirò wa kò bá ti ìwé mu?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe Wáẹ́kì ní ilé lẹ́sìnnì wa. Ìbéèrè kan sọ pé nínú gíráàmù kábọ́ọ̀nù kan láti ara èédú àtijọ́, átọ́mù kábọ́ọ̀nù-14 tó ń túká jẹ́ 3.4 ní ìṣẹ́jú kan, ti igi tútù sì jẹ́ 13.6. Ọdún mélòó ni èédú náà? Mo fi àsìkò ìdajì 5,730 ọdún ṣe é, mo rí 11,460, ṣùgbọ́n 11,136 ló wà lẹ́yìn ìwé. Nínú ìbéèrè kejì, wọ́n yí 3.4 sí 5.1. Àárín 6.8 àti 3.4 gan-an ni 5.1 wà, ni mo bá sọ pé àsìkò ìdajì kan àbọ̀ ti kọjá, ìyẹn 8,595 ọdún. Òun náà kò bá ti ìwé mu. Èwo ni kí n fún àwọn ọmọ ní máàkì lé lórí?

Ìdáhùn: Ní ti ìbéèrè àkọ́kọ́, ẹ̀yin àti ìwé, kò sí ẹni tó ṣì í. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ni kò tọ́, òun ni mo sì fẹ́ kọ́kọ́ mú, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń pàdánù máàkì.

Kábọ́ọ̀nù-14 kì í dín kù ní iye kan náà lọ́dọọdún. Ìpín kan náà nínú èyí tó bá ṣẹ́ kù ló máa ń lọ. Láti 13.6 dé 6.8, 6.8 ló lọ láàárín 5,730 ọdún. Láti 6.8 dé 3.4, ọdún yẹn kan náà ni, ṣùgbọ́n 3.4 péré ló lọ. Bí ìdínkù ṣe ń rọlẹ̀ láti àsìkò ìdajì kan sí èkejì, bẹ́ẹ̀ náà ló ń rọlẹ̀ nínú ẹyọ kan ṣoṣo: apá ìbẹ̀rẹ̀ ń jẹ púpọ̀, apá ìparí ń jẹ díẹ̀. Nítorí náà, a ó ti dé 5.1 kí ìlàjì àsìkò kejì tó pé. Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò láìlo lọ́gárídímù rárá. Bí àsìkò ìdajì kan bá ń sọ nǹkan di ìlọ́po 0.5, ìlàjì àsìkò náà ní láti sọ ọ́ di ìlọ́po nọ́ńbà kan tó jẹ́ pé bí a bá fi í ṣe ìlọ́po ara rẹ̀, 0.5 ni yóò jáde. 0.707 ni nọ́ńbà yẹn. Ẹ fi 0.707 ṣe ìlọ́po 6.8, ẹ ó rí 4.81. Nígbà tí èédú bá pé 8,595 ọdún, 4.81 ni ẹ̀rọ máa kà lára rẹ̀. Èédú tó ṣì ń fúnni ní 5.1 kò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀.

Bí iye náà kò bá ti bọ́ sórí ìdajì, ìdá mẹ́rin tàbí ìdá mẹ́jọ gẹ́lẹ́, ìlànà yìí ni kí ẹ fà yọ:

```
t = (T / 0.693) × ln(A0 / A)
```

T ni àsìkò ìdajì, A0 ni iye ti ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, A ni iye tí ẹ̀rọ kà lónìí, t sì ni ọjọ́ orí tí à ń wá. 0.693 yẹn ni ẹ ó rí bí ẹ bá tẹ `ln 2`. Ó yá, ẹ jẹ́ ká fi 5.1 sí i. 13.6 pín sí 5.1 jẹ́ 2.667. `ln` rẹ̀ jẹ́ 0.981. 5,730 pín sí 0.693 jẹ́ 8,268. Ẹ sọ méjèèjì di ìlọ́po ara wọn, ẹ ó rí 8,111. Bí ẹ kò bá gé nọ́ńbà kankan kúrú lójú ọ̀nà, 8,108 ni. Ìyàtọ̀ ọdún mẹ́ta yẹn kò tó ohun tí èèyàn ń bá ọmọ jà sí, ṣùgbọ́n nǹkan bí 490 ọdún tó wà láàárín rẹ̀ àti 8,595 yín tó bẹ́ẹ̀.

Àṣìṣe kan wà tí ẹ ó máa bá nínú ìwé àwọn ọmọ. Wọ́n á tẹ `log` dípò `ln`, wọn kò sì ní yí 0.693 padà. `log` 2.667 jẹ́ 0.426, ìdáhùn wọn á sì jáde bí 3,522 ọdún. Ẹ kọ́ wọn kí wọ́n máa wo ìdáhùn kí wọ́n tó fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀: 5.1 kéré sí 6.8, àsìkò ìdajì kan ti kọjá nìyẹn, kò sí bí ìdáhùn ṣe lè kéré sí 5,730. Ẹni tó bá fẹ́ràn `log` lè lò ó o, kó ṣáà fi 0.301 rọ́pò 0.693.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí 11,460 àti 11,136. Ní ìparí àwọn ọdún 1940, Willard Libby àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ṣikágò ló gbé ọ̀nà ìṣirò yìí kalẹ̀. Ó gba ẹ̀bùn Nóbẹ̀lì lórí rẹ̀ ní 1960. Àsìkò ìdajì tí wọ́n lò ni 5,568 ọdún. Nígbà tó yá, wọ́n wọ̀n ọ́n dáadáa sí i, wọ́n sì rí i pé 5,730 ló sún mọ́ òótọ́ jù. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èsì ti jáde kí wọ́n tó rí i. Ní ìpàdé àwọn onímọ̀ ní Kémbíríìjì ní 1962, wọ́n fẹnu kò pé kí àwọn láàbù ṣì máa fi 5,568 kọ èsì, kí ti àtijọ́ àti ti tuntun má bàa dàrú mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe títí dòní. Ẹni tó bá fẹ́ gbé èsì láàbù sí orí 5,730 yóò sọ ọ́ di ìlọ́po 1.03. Ẹni tó kọ ìwé yín lo 5,568 lẹ́ẹ̀mejì, ó rí 11,136, kò kàn sọ ọ́ fún yín ni. Èyí tí ìbéèrè bá fúnni ni kí ọmọ lò. Bí ìbéèrè kò bá fúnni ní ọ̀kankan, èmi á fún ọmọ tó kọ 5,730 tàbí 5,568 sílẹ̀ ní máàkì rẹ̀ pé, bí iṣẹ́ rẹ̀ bá ti hàn.

Ó dà bíi pé ẹni tó gbé ìbéèrè yẹn kalẹ̀ ní Ihò Eléérú lọ́kàn, torí iye rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu. Inú igbó lẹ́bàá Ìsàrun, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni ihò àpáta náà wà. Ní 1965, Thurstan Shaw ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwalẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì bá egungun èèyàn kan. Wọ́n gbé èédú tó wà nítòsí egungun náà lọ sí láàbù, èsì tó padà wá sì ni 11,200 ± 200 BP. BP túmọ̀ sí iye ọdún ṣáájú 1950. Bí a bá yí ìṣirò náà padà pẹ̀lú 5,568 tí láàbù ń lò, ìdá 24.8 nínú ọgọ́rùn-ún kábọ́ọ̀nù-14 rẹ̀ ló ṣẹ́ kù. Lórí 13.6 tiyín, ìyẹn jẹ́ 3.37.

Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ fojú fo ± 200 yẹn. Átọ́mù kì í túká bí aago. Ẹ ka èédú kan náà lẹ́ẹ̀mejì, iye tí ẹ ó rí kò ní bára mu tán. Bí ẹ bá ka 1,600 ìtúká, àyè àṣìṣe rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 40, ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Lórí ọjọ́ orí, ìdá 2.5 yìí jẹ́ nǹkan bí 200 ọdún. Gíráàmù kábọ́ọ̀nù kan tó ń fúnni ní 3.4 ní ìṣẹ́jú kan yóò gba nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ kó tó pé 1,600, àní bí ẹ̀rọ kò bá pàdánù ẹyọ kan. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí 200 di 100 yóò kà á fún ìlọ́po mẹ́rin àkókò yẹn.

Ohun tó ń ba èsì jẹ́ jù ní irú ibẹ̀ ni kábọ́ọ̀nù tuntun tó bá wọnú ti àtijọ́: gbòǹgbò igi tó gba inú èédú kọjá, tàbí ohun jíjẹrà tí omi òjò wọ̀ sínú ilẹ̀. Ká ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún èédú Ihò Eléérú jẹ́ kábọ́ọ̀nù tuntun, 24.8 á di nǹkan bí 25.6, èédú á sì fi nǹkan bí 240 ọdún kéré sí ọjọ́ orí rẹ̀. Ìyẹn ṣì ṣeé gbà mọ́ra. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìdá kan yẹn náà sínú èédú òkúta tí kò ní kábọ́ọ̀nù-14 kankan mọ́ láti ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Láàbù á ka ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, á sì kọ 37,000 ọdún sílẹ̀ fún yín láìṣiyèméjì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi ásíìdì àti álíkálì fọ èédú kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, tí wọn kì í sì í fẹ́ kọ nọ́ńbà kan pàtó mọ́ bí ọjọ́ orí bá ti ń sún mọ́ 50,000.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún àwọn ọmọ pé 11,200 BP jẹ́ ọdún kàlẹ́ńdà. Gbogbo ìṣirò wa gbà pé bí kábọ́ọ̀nù-14 ṣe wà nínú afẹ́fẹ́ lónìí ló wà nígbà yẹn, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ka àwọn òrùka inú igi àtijọ́ níkọ̀ọ̀kan, wọ́n wọn kábọ́ọ̀nù-14 inú wọn, wọ́n sì fi ṣe àtẹ tí èèyàn lè fi yí ọdún láàbù padà sí ọdún gidi. Lórí àtẹ náà, 11,200 ń bọ́ sí nǹkan bí 13,100 ọdún ṣáájú 1950. Wáẹ́kì kò ní béèrè èyí, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ka ìtàn Ihò Eléérú níbòmíì yóò bá nọ́ńbà méjèèjì pàdé, yóò sì rò pé ẹnì kan ló purọ́.

Ìgbà tí igi tó di èédú yẹn ti jáwọ́ nínú mímú afẹ́fẹ́ sára ni ìṣirò yìí ń sọ. Ọjọ́ tí wọ́n sin òkú náà ńkọ́? A kàn ń gbà pé ó sún mọ́ tigi ni, torí wọ́n jọ wà nínú ilẹ̀ kan náà. Ní 2011, àwọn onímọ̀ gbé ìwádìí jáde tí wọ́n ṣe lórí egungun náà fúnra rẹ̀, yùréníọ́ọ̀mù tó wọnú egungun ni wọ́n sì lò, kì í ṣe kábọ́ọ̀nù. Àárín 11,700 sí 16,300 ọdún ni èsì tiwọn bọ́ sí.