sin^6 x tún yọjú lápá ọ̀tún: ṣé mo ti ṣì í ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Poli Ìbàdàn ni mo wà. Wọ́n ní ká wá íńtígírà sin^6 x láti 0 dé π/2. Mo lo báì páàtì, àmọ́ sin^6 x náà tún yọjú lápá ọ̀tún. Ṣé kí n tún báì páàtì ṣe lórí rẹ̀ ni, àbí mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: O ò ṣì í rárá, àbúrò mi. Ibi tó yẹ kó o dé gan-an lo dé yẹn. Àwọn tí mò ń kọ́ ní Bódìjà náà máa ń fòyà níbẹ̀, wọ́n á tún báì páàtì ṣe, ìlà kan náà ni wọ́n á sì tún bá pàdé.

Má fi 6 ṣe é, n ni kó o fi ṣe é, kó o lè ṣe wàhálà náà lẹ́ẹ̀kan péré. Ká pe íńtígírà sin^n x láti 0 dé π/2 ní I_n. Yọ sin x kan sọ́tọ̀ lára rẹ̀: u jẹ́ sin^(n-1) x, dv jẹ́ sin x dx, v á wá jẹ́ -cos x.

```
I_n = [-sin^(n-1) x · cos x] + (n-1) ∫ sin^(n-2) x · cos^2 x dx
```

Òfo ni ohun tó wà nínú àkámọ́ yẹn, torí cos x jẹ́ 0 ní π/2, sin x sì jẹ́ 0 ní 0. Ìyẹn bí n bá tó 2 o. Bí n bá jẹ́ 1, sin^0 x ti di 1, àkámọ́ náà kò ní í pòórá mọ́.

Wàyí o, fi 1 - sin^2 x rọ́pò cos^2 x. Ibí ni sin^n x ti padà wá:

```
I_n = (n-1) I_(n-2) - (n-1) I_n
n I_n = (n-1) I_(n-2)
```

Gbígbé tá a gbé e lọ sápá òsì ló parí iṣẹ́ náà. Látibẹ̀, bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà ni, ẹsẹ̀ méjì méjì: I_6 jẹ́ 5/6 I_4, I_4 jẹ́ 3/4 I_2, I_2 jẹ́ 1/2 I_0, I_0 sì jẹ́ π/2. Sọ wọ́n di púpọ̀, wàá rí 5π/32, tó tó 0.491. Tó bá jẹ́ I_5 ni, I_1 lo máa balẹ̀ sí, 1 sì ni ìyẹn, torí náà ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ 8/15, kò sí π nínú rẹ̀ rárá.

Bó o ṣe máa mọ̀ bóyá ó tọ̀nà nìyí: sin x kì í kọjá 1 láàárín 0 sí π/2, nítorí náà I_6 gbọ́dọ̀ kéré sí I_5, kò sì gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ òdo. Ẹni tó bá gbàgbé àmì ìyọkúrò tó wà níwájú (n-1) I_n á rí -5/4 I_4. Àmì yẹn ni kó yára lọ wò.

Bí wọ́n bá wá fún ọ ní 0 dé π/4, àkámọ́ náà á ṣẹ́kù ní gbogbo ìgbésẹ̀, n sì gbọ́dọ̀ pín òun náà. Fún n = 6, -1/8 ló máa fún ọ, torí náà ìlà àkọ́kọ́ á jẹ́ I_6 = -1/48 + 5/6 I_4. Àwọn tó kọ -1/8 síbẹ̀ láìpín in sí 6 pọ̀ nínú ìwé ìdánwò tí mo ti máàkì.