Pátákó ṣọ́ọ̀bù tí kò hàn dáadáa nínú fọ́tò

Ìbéèrè: Mo ya pátákó ṣọ́ọ̀bù kan ní Kútọnu, fọ́tò náà ò hàn dáadáa. Ọ̀rọ̀ Faransé wo ni kí n má túmọ̀?

Ìdáhùn: Èyí tí ọ̀rọ̀ méjì bá lè wọ àyè rẹ̀. Ká ní BOU àti ERIE nìkan lẹ rí: ó lè jẹ́ BOUCHERIE, ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ran, tàbí BOULANGERIE, ilé búrẹ́dì. Ẹ fi ìbú lẹ́tà tó hàn wọn àlàfo àárín: ṣé lẹ́tà méjì ló gbà ni, àbí mẹ́rin? Bí kò bá yanjú, tí kò sì sí àwòrán ẹran tàbí búrẹ́dì lára pátákó, ẹ fi sílẹ̀. Nọ́ńbà fóònù ló burú jù, torí 3 àti 8 jọra, kò sì sí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó lè jẹ́rìí. Ẹ kọ «kò hàn» síbẹ̀.