Àpèkọ fún ọmọ tí etí rẹ̀ ò gbọ́ dáadáa

“Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin olùkọ́, mo wà ní Ṣábẹ̀. Ọmọ ọdún 9 kan wà ní kíláàsì mi tí etí rẹ̀ ò gbọ́ dáadáa, ẹ̀rọ etí kan ló ń lò. Gbogbo ìgbà tí mo bá ṣe àpèkọ Faransé, òdo ló ń gbà. Ṣé kí n yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀ ni?”

Ẹ má yọ ọ́ o, olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Èmi náà ti ṣe ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Kétu níbí, ó ṣì ń dùn mí. Kíláàsì kẹta ni akẹ́kọ̀ọ́ tèmi wà. Tí mo bá ń ṣe àpèkọ, mo máa ń rìn káàkiri àárín àwọn ọmọ bí gbogbo wa ṣe ń ṣe, mo á tẹ orí ba ìwé, tí mo bá ti kọjá ọmọ yìí báyìí á yọjú wo ìwé ẹni tó jókòó tì í. Mo ní ó ń jí iṣẹ́ wò, mo fún un lódo, mo mú un kúnlẹ̀ lójú ẹgbẹ́ ẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko! Tí mo bá bi í pé ṣó yé e, á mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, tí mo bá ní kó sọ ohun tí mo sọ, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ ọn lẹ́nu, mo wá sọ ọ́ di aláìgbọràn. Ọjọ́ kan tí kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́ ni mo dúró lẹ́yìn ẹ̀ tí mo pe orúkọ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kò wẹ̀yìn, àfìgbà tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. Ìyá ẹ̀ ló wá sọ fún mi pé látìgbà tí ibà líle kan ti mú ọrùn ọmọ náà gan ní kékeré ni etí ti rí bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í tẹ́lẹ̀, èmi náà ò bi í.

Ọ̀gá kan tó wá wo iṣẹ́ wa láti òkè ní kí n kàn máa pariwo. Ariwo kẹ̀? Ariwo ń gbé “a” àti “o” sókè ni, “s” àti “f” tí etí ọmọ ń pàdánù ò ní tìtorí ẹ̀ hàn, ẹnu yín á tún máa là gbàgà tí kò ní lè ka ètè yín. Ètè fúnra ẹ̀ náà ń tanni jẹ. Ẹ dúró níwájú dígí kí ẹ pe pẹn tó jẹ́ búrẹ́dì, bẹn tó jẹ́ ìwẹ̀, mẹn tó jẹ́ ọwọ́ ní Faransé, bákan náà ni gbogbo ẹ̀ máa rí lẹ́nu. Bó ṣe rí fún ọkọ̀ àti ọkọ́ lédè tiwa náà nìyẹn, ohùn kì í hàn lójú ètè.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tó ṣáájú, mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún tó le jù sójú pátákó, mo á ya àwòrán ẹ̀ tàbí kí n mú nǹkan náà wá, gbogbo kíláàsì la jọ ń ṣe é. Tó bá di ọjọ́ àpèkọ, ojú kan ni mo ń dúró sí, bíi mítà kan ààbọ̀ sí i, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé á wà lójú mi, kì í ṣe lẹ́yìn mi. Odindi gbólóhùn ni mo ń kà, n ò ní já a sí wẹ́wẹ́, torí “mo jẹ pẹn” á jẹ́ kó mọ̀ pé èèyàn kì í jẹ ìwẹ̀. Lẹ́yìn náà mo á dákẹ́ kó kọ ọ́. Ibi tí àwa olùkọ́ ti ń ṣìṣe jù nìyí, kò lè máa wo ẹnu yín kó tún máa wo ìwé, tẹ́ ẹ bá ti ń sọ̀rọ̀ nígbà tó ń kọ, ọ̀rọ̀ yẹn ti lọ nìyẹn.

Nínú máàkì, mo ya àṣìṣe sọ́nà méjì. Ó kọ bẹn dípò pẹn, etí ló fà á, mo fa ìlà sábẹ́ ẹ̀, n ò yọ máàkì. Ó gbàgbé “s” tó ń fi hàn pé nǹkan pọ̀, ìyẹn mo yọ máàkì, torí àwọn tó ń gbọ́ gan-an kì í gbọ́ “s” yẹn lẹ́nu mi, gírámà ló yẹ kó sọ fún wọn. Ìgbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo tó rí i pé ọmọ yìí mọ gírámà ju ìdajì kíláàsì lọ.

Ẹ máa wo bátìrì ẹ̀rọ yẹn ní àràárọ̀ o, torí tí bátìrì bá ti kú, dídí ni ẹ̀rọ ń dí etí. Bí etí bá sì ń ṣọyún, ẹ má jẹ́ kí wọ́n da epo sí i nílé, ọsibítù ni kí wọ́n gbé e lọ.

Ní ti ìjókòó, etí ọ̀tún akẹ́kọ̀ọ́ tèmi ló dáa, mo fi í sí ìlà kejì lápá òsì kí etí yẹn lè kọjú sí àárín kíláàsì. Etí wo ló ń gbọ́ jù lára tiyín?