"Ṣé o wà nílé?": ibi tí àwàdà náà ti ń kọsẹ̀

"Ẹ jọ̀ọ́, àwàdà kan wà tí àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi kì í gbọ́ kí wọ́n má rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan pe fóònù ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ gbé e. Ó ní, 'Ṣé o wà nílé?' Ọ̀rẹ́ ní, 'Rárá o, mo ti gbé fóònù àti ògiri jáde sí títì.' Mo sọ ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ńṣe ni wọ́n ń wò mí. Kí ló dé?"

Inú ìbéèrè ọkùnrin yẹn ni ẹ̀rín wà, kì í ṣe inú èsì ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá lo fóònù oníwáyà rí mọ̀ pé ara ògiri ni wọ́n so ó mọ́, nítorí náà ẹni tó gbé e, ilé ló wà. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tó jẹ́ pé inú àpò ló ti mọ fóònù, "Ṣé o wà nílé?" ni wọ́n ń bi í lójoojúmọ́. Kò rí ohun tó wọ́ níbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá fi máa dé orí ògiri, ó ti ń ronú pé, ògiri wo? Ẹ̀rín kì í sì í dúró de ìrònú.

Bí ẹ bá ṣàlàyé wáyà lẹ́yìn tí ẹ sọ ọ́ tán, á yé wọn, àmọ́ wọn ò ní rẹ́rìn-ín. Olùgbọ́ fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kẹ́fín ìbéèrè náà kí ọ̀rẹ́ tó fèsì. Bí ẹ kò bá fẹ́ pàrọ̀ ẹ̀, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ gan-an ni kí ẹ fi wáyà sí: "Nígbà tí wọ́n ṣì ń fi wáyà so fóònù mọ́ ògiri pálọ̀…" Bí ẹ bá fi sún mọ́ ìparí, àṣírí ti tú. Síbẹ̀, ẹ̀rín músẹ́ lásán lẹ máa rí, torí ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu yín ni, wọn ò lò ó rí.

Èyí tí mo fara mọ́ jù ni pé kí ẹ mú eegun rẹ̀, kí ẹ pàrọ̀ ẹran ara rẹ̀. Eegun náà ni pé ẹnì kan ń béèrè ohun tí ipò tó wà ti dáhùn tẹ́lẹ̀. Ẹ gbé e lọ sínú ìpàdé orí kọ̀ǹpútà: ọ̀gá wọlé, ó ní, "Ẹni tí kò bá gbọ́ ohùn mi, kó nawọ́." Ẹnì kan nawọ́. Ẹ dákẹ́ síbẹ̀. Bí ẹ bá fi kún un pé báwo ló ṣe gbọ́ ọ, ẹ ti bà á jẹ́.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn ẹbí fi ń ràn yín lọ́wọ́ láìmọ̀: wọ́n ti mọ ìparí ọ̀rọ̀, wọ́n ń bá yín sọ ọ́ ni. Àwọn ará ibi iṣẹ́ kò ní irú ìyẹn. Bí ẹ bá wá jẹ́ ọ̀gá wọn, wọ́n lè fi ẹ̀rín bọ̀wọ̀ fún yín. Irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ kúrú, wọ́n á sì kọ́kọ́ wo ojú ara wọn. Ẹ̀rín gidi máa ń bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kì í sì í pẹ́ tí ẹnì kan á fi lẹ tirẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹnikẹ́ni ò bá lẹ nǹkan kan, ẹ má ṣe tún un sọ sókè.