4nm kan ń gbóná ju 4nm kejì lọ

"Ẹ jọ̀ọ́, 4nm ni wọ́n kọ sí páálí fóònù méjèèjì tí mo fẹ́ rà l'Ádó. Ṣé ooru àti bátìrì wọn á rí bákan náà?"

Rárá o, àbúrò mi. 4nm yẹn, ìyẹn nánómítà mẹ́rin, kì í ṣe ìwọ̀n ohun kan pàtó nínú ṣíìpù tó jẹ́ ọpọlọ fóònù mọ́, orúkọ ọjà ni. Wo ṣíìpù Snapdragon 8 Gen 1 àti 8+ Gen 1 tí ilé iṣẹ́ Qualcomm ni. Ètò inú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n Samsung ló ṣe ti àkọ́kọ́, ilé iṣẹ́ TSMC ló ṣe èkejì tó jáde ní 2022. Qualcomm fúnra rẹ̀ sọ pé apá tó ń ya àwòrán géèmù nínú èkejì lè dín iná tó ń jẹ kù tó ìdá 30 nínú 100.

Fólítéèjì wà lára ohun tó ń fa irú ìyàtọ̀ yìí. Tí iṣẹ́ kan náà bá lè wáyé pẹ̀lú fólítì 0.9 dípò fólítì 1, iná tó ń jẹ á di 81 nínú 100, torí a máa ń fi fólítéèjì sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ ni. Iná tó ń jò nígbà tí fóònù sinmi náà tún wà níbẹ̀. Ó wà lára ohun tó ń jẹ bátìrì lóru.

Nítorí náà, nọ́ńbà ṣíìpù ni kó o wò: SM8450 ni ti Samsung, SM8475 ni ti TSMC. Àmọ́ tó bá jẹ́ Ẹ̀fọ̀n lò ń gbé, tí òkè ń dí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, méjèèjì á gbóná díẹ̀, torí fóònù á máa fi agbára wá òpó.