Ibà tí pàràsítámọ̀ gbé pamọ́ kì í ṣe ibà tó ti lọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Tíṣà nọ́sìrì ni mí n'Ìjẹ̀bú-Òde. Láti alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni fúlù ti gbé mi dè, ibà, orí fífọ́, ikọ́, gbogbo ara ń ro mí. Mo gba abẹ́rẹ́ ní kẹ́míìsì lánàá, mo sì ń lo oògùn tí wọ́n pò fún mi láàárọ̀ lálẹ́. Ara ti fúyẹ́, ibà ti lọ. Àǹtí tó ni ilé ìwé wa ní kí n wọlé lọ́la Ọjọ́bọ̀. Ṣé mo lè lọ, àbí ó ṣì lè ran àwọn ọmọ? Ọmọ tèmi náà tó jẹ́ ọlọ́dún 4 ti ń sín o.

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Tíṣà. Ẹ má lọ lọ́la.

Ẹ ní ibà ti lọ. Báwo lẹ ṣe mọ̀? Abẹ́rẹ́ àná ṣì lè máa ṣiṣẹ́ lára yín, oògùn àárọ̀ yìí náà wà níbẹ̀, ẹ ò tíì mọ bí ara yín ṣe rí láìsí wọn. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ irú èyí ní Ṣágámù níbí, ẹni tí fúlù dá gúnlẹ̀ á gbé pàràsítámọ̀ méjì mì láago mẹ́fà àárọ̀, ara á tutù, á wọṣọ, á wọ bọ́ọ̀sì tí wọ́n ti fèrèsé ẹ̀ pa, á dé ọ́fíìsì, tó bá wá di nǹkan bí aago mọ́kànlá òtútù á tún bẹ̀rẹ̀ sí í mú un, wọ́n á ní iṣẹ́ ló pọ̀ jù tàbí oòrùn ló pa á. Kì í ṣe oòrùn. Oògùn ló tán lára ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa torí ibi tí àṣìṣe ti pọ̀ jù nìyẹn. Kòkòrò fúlù, èyí tá à ń pè ní fáírọ́ọ̀sì, inú imú àti ọ̀nà ọ̀fun ló ti ń pọ̀ sí i. Kòkòrò yẹn fúnra ẹ̀ kọ́ ló ń dá ibà sílẹ̀ o, ara yín ló ń dá a. Bí ara bá ti rí i pé àlejò burúkú wọlé, á ránṣẹ́ sí ọpọlọ, ọpọlọ á ní kí ara gbóná. Iṣẹ́ tí ara rán sí ọpọlọ yẹn ni pàràsítámọ̀ máa ń dí lọ́nà, kò fọwọ́ kan kòkòrò kankan. Ó dà bí ìgbà tí ajá ń gbó mọ́ olè lóru, ẹ wá dìde ẹ fokùn di ajá lẹ́nu. Ilé á dákẹ́ rọ́rọ́, ẹ̀yin á sùn, olè ṣì wà nínú ọgbà. Bẹ́ ẹ bá wá wúkọ́ sí kíláàsì pẹ̀lú ara tó tutù yẹn, ohun tó ń bá ikọ́ jáde ò yàtọ̀ sí ti ẹni tí ara ẹ̀ ń gbóná.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má lo pàràsítámọ̀ o, ẹ má lọ sọ pé dókítà ní kẹ́ ẹ máa gbọ̀n. Oògùn tó dáa ni tẹ́ ẹ bá lò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí, á jẹ́ kẹ́ ẹ lè sùn kẹ́ ẹ sì jẹun. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹ ò lè fi ara tí oògùn mú tutù díwọ̀n bóyá ẹ ti bọ́.

Èyí tó tún burú ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé pàràsítámọ̀ wà nínú ohun tí wọ́n ń mu. Púpọ̀ nínú àwọn oògùn kátà àti òtútù tí wọ́n ń tà ní sáṣẹ́ẹ̀tì ló ní pàràsítámọ̀ nínú. Ẹlòmíì á wá sọ fún mi pé òun ò lo pàràsítámọ̀ rárá, oògùn kátà lòun lò. Ohun kan náà ni! Tẹ́ ẹ bá sì lo méjèèjì pọ̀, ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ lò ó kọjá ìwọ̀n, ìyẹn sì lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹ ka ẹ̀yìn páálí.

Ti abẹ́rẹ́ wá ńkọ́? Kò sí abẹ́rẹ́ kẹ́míìsì kankan tó ń gé fúlù bí ẹní gé okùn. Ohun tí wọ́n sábà máa ń gún ni díkílófẹ́nà, tàbí pàràsítámọ̀ olómi, àwọn kan tiẹ̀ máa ń fi dẹsamẹtasónù sí i. Gbogbo wọn ló ń mú ibà wálẹ̀, ti ìkẹyìn yẹn tún máa ń dín agbára tí ara fi ń bá kòkòrò jà kù, ìyẹn ni inú fi ń bí mi. Mi ò mọ èyí tí wọ́n gún yín, ẹ padà lọ bi wọ́n lórúkọ, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Kápúsù pupa àti yẹ́lò tó wà nínú ọ̀rá oògùn yẹn, bí ó bá wà níbẹ̀, ántíbáyótíìkì ló sábà máa ń jẹ́, bakitéríà ló ń pa, kì í pa fáírọ́ọ̀sì, torí náà ẹ ò lè sọ pé torí ẹ ti lo ántíbáyótíìkì, fúlù yín ò ní ran ẹlòmíì mọ́.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá kà á. Òfin tí àwa ń tẹ̀ lé ni pé kí 24 wákàtí kọjá láìsí ibà, láìlo oògùn tó ń mú ibà wálẹ̀, kí gbogbo ara sì máa dáa sí i lápapọ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni o, ẹyọ kan ò tó.

Òní ni Ọjọ́rú. Ká sọ pé aago méje àárọ̀ yìí lẹ lo oògùn kẹ́yìn. Pàràsítámọ̀ máa ń ṣiṣẹ́ fún bíi wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, nítorí náà èmi kì í bẹ̀rẹ̀ sí í kà títí wákàtí mẹ́fà yẹn á fi pé, ìyẹn aago kan ọ̀sán. Ẹ ra tẹmomítà, ẹ má fi ẹ̀yìn ọwọ́ díwọ̀n, ẹni tí ara ẹ̀ gbóná ò lè fọwọ́ ara ẹ̀ mọ̀ pé ara òun gbóná. Ẹ fi há abíyá títí á fi dún, lọ́sàn-án, lálẹ́ kẹ́ ẹ tó sùn, àti láàárọ̀ ọ̀la. Tó bá ti tó 37.8, ibà nìyẹn. Abíyá máa ń fi díẹ̀ dín in kù, torí náà bó bá wà ní 37.5 tí òtútù sì ń mú yín, èmi ò ní pè é ní àlàáfíà. Tí kò bá gbóná títí di aago kan ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ẹ ti kọjá ìdánwò, ẹ lè wọlé lọ́jọ́ Ẹtì. Ṣùgbọ́n tó bá di aago mẹ́sàn-án alẹ́ òní tí tẹmomítà ní 38.3, ẹ lo oògùn yín kẹ́ ẹ sùn, kò sí ìjà ńbẹ̀, ẹ kàn ti padà sí òǹkà àkọ́kọ́ ni. Wákàtí mẹ́fà oògùn á parí láago mẹ́ta òru, 24 wákàtí á pé láago mẹ́ta òru mọ́jú ọjọ́ Ẹtì, bí ibà ò bá tún dé láàárín ẹ̀.

Tó bá jẹ́ èmi ni, n ó dúró di ọjọ́ Ajé. Ọmọ nọ́sìrì lẹ ń kọ́, ẹ̀ ń nu imú wọn, ẹ̀ ń gbé wọn, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń bo ẹnu. Ó sì ní ìdí mìíràn: ẹni tó ní fúlù lè kó o ran èèyàn láti nǹkan bí ọjọ́ kan kó tó mọ̀ pé ara òun ò yá, títí di bí ọjọ́ 5 sí 7 lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló gbóná jù. Alẹ́ Àìkú ni tiyín bẹ̀rẹ̀, á jẹ́ pé àwọn tẹ́ ẹ jọ jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ọjọ́ náà ti lè kó o, ìyẹn ti kọjá agbára yín. Ó máa ń gba ọjọ́ kan sí mẹ́rin kó tó hàn lára ẹni tó bá kó o.

Mo mọ̀ pé ilé ìwé àdáni lè yọ owó lára owó oṣù, mi ò gbé lókè ọ̀run. Bẹ́ ẹ bá gbọ́dọ̀ wọlé lọ́jọ́ Ẹtì, tẹ́ ẹ sì ti kọjá ìdánwò, ẹ lo ìbòmú fún ọjọ́ 5, láti Ẹtì títí di Ìṣẹ́gun, kó bo imú, kì í ṣe kẹ́ ẹ fà á sí àgbọ̀n. Ẹ ṣí fèrèsé kíláàsì sílẹ̀ gbayawu, ẹ má bá àwọn ọmọ jẹ nínú abọ́ kan, kẹ́ ẹ máa fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá nu imú. Ẹni tí fúlù ẹ̀ ò tiẹ̀ mú ibà wá rárá, tàbí àgbàlagbà tí ara wọn kì í sábà gbóná, ọjọ́ 5 látìgbà tó bẹ̀rẹ̀ ni kí wọ́n fi dúró sílé, kí wọ́n má fi àìsí ibà ṣe àwáwí.

Ikọ́ ńkọ́? Ikọ́ lè máa bá yín lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀fun tó ṣì ń sàn ló ń fà á. Ikọ́ nìkan, láìsí ibà, pẹ̀lú ara tó ń yá sí i, kò yẹ kó dá yín dúró sílé, kí àǹtí yẹn má sì fi lé yín padà.

Ọmọ yín, ẹ má gbé e lọ sílé ìwé lọ́la náà. Òfin 24 wákàtí yẹn kan òun náà, àmọ́ àwọn ọmọdé lè máa tú kòkòrò jáde pẹ́ ju àgbà lọ, ó lè tó ọjọ́ mẹ́wàá, nítorí náà èmi kì í kánjú lórí wọn. Ẹ má fún un ní asipirínì láé, ó lè fa àìsàn ọpọlọ àti ẹ̀dọ̀ tó burú fún ọmọ tó ní fúlù. Ẹ má sì pín oògùn tiyín fún un. Bí kò bá fẹ́ jẹun, ìkọ́kọrẹ́ tó rọ̀, ẹ̀kọ tàbí omi ọbẹ̀ dáa, ẹ máa fún un lómi díẹ̀díẹ̀.

Mi ò rí yín, mi ò yẹ̀ yín wò, torí náà mi ò lè búra pé fúlù ni. Ibà lásán láìsí kátà tàbí ọ̀fun dídùn lè jẹ́ malaria, méjèèjì sì lè pàdé lára ẹnì kan, tẹ́ẹ̀sì malaria kì í gba àkókò, ẹ lọ ṣe é dípò kẹ́ ẹ máa méfò. Èyí tí kò gba ìdúró rárá ni mímí tó ń fúnni tàbí tó ń yára, àyà tó ń dunni, ọ̀rọ̀ tí kò já gaara mọ́, ọmọ tí kò mu nǹkan tí kò sì tọ̀, tàbí ibà tó lọ dáadáa fún ọjọ́ kan tàbí méjì tó tún wá padà pẹ̀lú ikọ́ tó le ju ti tẹ́lẹ̀. Èyí ìkẹyìn yẹn lè jẹ́ nìmóníà. Aláboyún, ẹni tó ní síkúlà tàbí asímà, ọmọ tí ò tíì pé ọdún 2, àti àwọn àgbàlagbà, kí wọ́n má dúró dé ìgbà yẹn kí wọ́n tó rí dókítà, torí oògùn tó ń bá fúlù fúnra ẹ̀ jà wà, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ jù tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láàárín 48 wákàtí àkọ́kọ́. Tí ilé ìwé bá ń béèrè ìwé, ẹ lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà tó sún mọ́ yín kí wọ́n yẹ̀ yín wò kí wọ́n sì kọ ọ́ fún yín, kẹ́míìsì ò lè kọ ọ́.