Bí A Ṣe Ń Fa Ìpínrọ̀ Kan Yọ Nínú Ojú Ìwé Mẹ́rìnlá

Ìbéèrè: Mo fi ọ̀rọ̀ wá nọ́ọ̀sì kan lẹ́nu wò fún ìṣẹ́jú 50, mo sì ti tẹ gbogbo ohun tí ó sọ síwèé. Ojú ìwé 14 ni. Olóòtú wa ní ìpínrọ̀ kan péré ni òun fẹ́, tí kò gbọdọ̀ ju 120 ọ̀rọ̀ lọ, àti ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ méjì tí a óò gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán. Gbogbo rẹ̀ ló dára lójú mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ yàn?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì fa ìlà sábẹ́ ohunkóhun. Ẹ tẹ́ ìwé náà síwájú, kí ẹ tan ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀, kí ẹ sì máa fi ojú bá a lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Ohun tí ó mú kí gbogbo rẹ̀ dára lójú yín ni pé lórí ìwé, gbogbo ọ̀rọ̀ dọ́gba. Ìwé kì í gbé ẹ̀rín, kì í gbé ìdákẹ́, kì í sì í sọ fún yín pé ibí yìí ni ẹni náà ti rẹ ohùn sílẹ̀. Bí ẹ bá ti ń gbọ́ ibi tí ohùn rẹ̀ yí padà, ibi tí ó dákẹ́ kí ó tó dáhùn, tàbí ibi tí ó fúnra rẹ̀ padà sórí ọ̀rọ̀ kan tí ẹ kò tún béèrè mọ́, ẹ kọ ìṣẹ́jú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Nínú ìrírí tèmi, irú ibi bẹ́ẹ̀ kì í ju mẹ́wàá lọ nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò oníwákàtí kan, inú wọn sì ni ọ̀pọ̀ ohun tí mo máa ń lò ti ń jáde.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá ya ìròyìn sọ́tọ̀ kúrò lára ohùn. Ìròyìn ni ọdún tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, iye ọdún tí ó ti lò, ohun tí ó mú un dé ibẹ̀. Ẹ̀yin lè sọ ìwọ̀nyí ní ìdajì ọ̀rọ̀ tí òun fi sọ wọ́n, kò sì sí ohun tí yóò sọnù, nítorí náà, ọ̀rọ̀ tiyín ni kí ẹ fi kọ wọ́n. Ohùn ni ohun tí yóò bàjẹ́ bí ẹlòmíràn bá bá a sọ ọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fi máa ń dán gbólóhùn wò: ṣé nọ́ọ̀sì mìíràn kò lè sọ èyí gan-an gẹ́gẹ́ bí òun ṣe sọ ọ́? Bí ó bá lè sọ ọ́, n kò ní fi sínú àmì àyọlò, bí ó ti wù kí ó dùn tó.

N kò rí àkọsílẹ̀ yín, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣẹ̀dá ọ̀kan fún àlàyé yìí. Ẹ gbà pé nọ́ọ̀sì tí ó ń ṣiṣẹ́ òru ni, pé ó ti lo ọdún 22 lẹ́nu iṣẹ́, àti pé ohun tí ó wà lójú ìwé kẹrin nìyí:

> Ẹ̀n, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òru ní ọdún kẹta tí mo débẹ̀, àbí ìkẹrin ni. Ẹnì kan ni ò lè wá, ni wọ́n bá ní kí n dípò rẹ̀. Mo fẹ́ràn kí n máa ran èèyàn lọ́wọ́, ẹ mọ̀, iṣẹ́ ọkàn ni. Lóru, kí n tó tan iná, màá kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà ná. Mo máa ń gbọ́ èémí. Ẹni tó ń díbọ́n pé òun sùn, èémí rẹ̀ máa ń gún régé jù. Ara ló máa ń ni wọ́n, wọn ò kàn fẹ́ yọ wá lẹ́nu ni. Kì í ṣe gbogbo wọn o, àwọn mìíràn kàn fẹ́ ká fi àwọn sílẹ̀ ni.

Gbólóhùn tí ọwọ́ akọ̀ròyìn tuntun máa ń kọ́kọ́ lọ bá ni “Mo fẹ́ràn kí n máa ran èèyàn lọ́wọ́,” nítorí pé ó dà bí àkópọ̀ ayé ẹni náà. Òun gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹgbàágbèje ènìyàn ló lè sọ ọ́, kò sì jẹ́ kí á rí ẹnikẹ́ni. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ èémí tí ó gún régé jù. Ẹni tí ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú òkùnkùn fún ọ̀pọ̀ ọdún nìkan ló lè mọ̀ ọ́n. Èyí ni mo máa gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán, nítorí pé ó tún ní ànfààní kejì: ẹni tí kò tíì ka ohunkóhun yóò lóye rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán kò ní ẹni tí yóò ṣàlàyé rẹ̀. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Ìyẹn ló fà á,” kò wúlò níbẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún gbólóhùn tí ó gbẹ̀yìn nínú àpẹẹrẹ náà. “Kì í ṣe gbogbo wọn o” ń dín ohun tí ó wà ṣáájú rẹ̀ kù. Bí ẹ bá fẹ́ lo ọ̀rọ̀ pé ara ló ń ni wọ́n, ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àtúnṣe yẹn bá a wọlé. Èémí tí ó gún régé nìkan ni ó lè dá dúró, torí pé àtúnṣe náà kò kàn án. Mo ti gé irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ dànù rí nígbà tí àyè kò tó. Ẹni tí mo kọ̀wé nípa rẹ̀ pè mí lọ́jọ́ kejì, ó ní àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ti ń bi òun léèrè ìdí tí òun fi sọ̀rọ̀ gbogbo aláìsàn bí ẹni pé òun wà nínú wọn. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí mo fi kún un, síbẹ̀ ohun tí mo kọ kì í ṣe ohun tí ó sọ. Láti ìgbà náà, n kì í yọ àyọlò kan jáde láìtún ka gbólóhùn mẹ́ta tí ó ṣáájú rẹ̀, mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e, àti ìbéèrè tí mo bi í. Ìbéèrè náà ṣe pàtàkì. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ bi í pé “Ṣé iṣẹ́ òru máa ń jẹ́ kí ẹ dá nìkan wà?” tí òun sì ní “Bẹ́ẹ̀ ni,” ọ̀rọ̀ ìdánìkanwà náà, tiyín ni, ẹ kò lè fi sí i lẹ́nu.

Ní ti gígé, ẹ lè yọ “ẹ̀n,” “ẹ mọ̀,” àti ọ̀rọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ tí kò parí. Bí ẹ bá fo ọ̀rọ̀ láàárín gbólóhùn, ẹ fi àmì (…) síbẹ̀. Ẹ má ṣe so ìdáhùn sí ìbéèrè méjì pọ̀ mọ́ra bí ẹni pé ẹ̀ẹ̀kan náà ló sọ ọ́. Ẹ má sì ṣe sọ “ò” rẹ̀ di “kò” tàbí “tó” rẹ̀ di “tí ó” nítorí pé ìyókù ìwé yín wà ní èdè àkọsílẹ̀: bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ wà lára ohun tí ẹ ń fi hàn.

Àṣìṣe kan wà tí mo ń rí lójoojúmọ́ nínú ìwé Yorùbá: “Ó ní, ‘Òun ò gbọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.’” Nígbà tí ẹ bá ti ṣí àmì àyọlò, òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, “mo” tàbí “n” ni yóò sì lò. “Òun” jẹ́ ti ìgbà tí ẹ̀yin ń ròyìn ohun tí ó sọ, láìsí àmì. Ibi tí a bá ti da méjèèjì pọ̀, òǹkàwé kò mọ ọ̀rọ̀ ta ni ó ń kà, ó sì sábà jẹ́ àmì pé akọ̀ròyìn kò padà gbọ́ ohùn náà. Bí ẹni náà bá jẹ́ àgbà tí ẹ ń fi “wọ́n” pọ́n lé, ẹ pinnu láti ìlà àkọ́kọ́, kí ẹ sì rí i pé “wọ́n” yẹn kò ní dàrú mọ́ àwọn aláìsàn tàbí àwọn ọ̀gá inú ìtàn. Nínú ìpínrọ̀ kúkurú tí ènìyàn púpọ̀ wà nínú rẹ̀, “ó” ni mo máa ń lò.

Ó ku kí á wá okùn tí yóò gbá ìpínrọ̀ náà pọ̀. Ẹ gbà pé lójú ìwé kọkànlá, nígbà tí mo bi nọ́ọ̀sì wa bóyá yóò padà sí iṣẹ́ ọ̀sán, ó ní “Rárá,” ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní: “Mo dán an wò fún oṣù mẹ́ta. Ariwo pọ̀ jù. N ò gbọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.” Nígbà tí mo sì fẹ́ pa ẹ̀rọ, ó ní: “Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ẹnikẹ́ni ò rántí orúkọ mi, a jẹ́ pé wọ́n sùn dáadáa nìyẹn.” Ojú ìwé kẹrin àti ìkọkànlá ń sọ ohun kan náà: obìnrin yìí ń fi etí ṣiṣẹ́. Okùn náà nìyẹn. Ohunkóhun tí kò bá so mọ́ etí àti òru, títí kan ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ àti àmì ẹ̀yẹ rẹ̀, yóò dúró síta. Ọ̀rọ̀ ìparí rẹ̀ yóò di àyọlò kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán. Ìpínrọ̀ náà yóò wá rí báyìí:

> Kí nọ́ọ̀sì yìí tó tan iná yàrá, yóò kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà láti gbọ́ bí aláìsàn ṣe ń mí. Ó ti lo ọdún 22 lẹ́nu iṣẹ́, ó kéré tán 18 nínú rẹ̀ lóru, láti ìgbà tí ẹnì kan kò lè wá tí wọ́n sì ní kí ó dípò rẹ̀. Ó ní àwọn kan máa ń díbọ́n pé àwọn sùn nígbà tí ara ń ni wọ́n, kí wọ́n má bàa yọ nọ́ọ̀sì lẹ́nu, bí àwọn mìíràn tilẹ̀ wà tí wọ́n kàn fẹ́ dá wà. Ó ti dán iṣẹ́ ọ̀sán wò rí fún oṣù mẹ́ta. “Ariwo pọ̀ jù,” ni ó sọ. “N ò gbọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.”

Ẹ ó rí i pé ohun tí ó ń ṣe ló ṣíwájú, ọdún iṣẹ́ tẹ̀ lé e, àyọlò kan ṣoṣo ló sì wà nínú rẹ̀, níbi tí ó ti lágbára jù lọ. Àwọn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán kò tún yọjú níbẹ̀. Mo kọ “ó kéré tán 18” nítorí pé òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ bóyá ọdún kẹta ni tàbí ìkẹrin. Ẹ pè é, kí ẹ béèrè, kí ẹ sì fi iye gan-an rọ́pò rẹ̀. Lórí ìpè kan náà, ẹ ka gbogbo òótọ́ inú ìpínrọ̀ náà fún un: ọdún, oṣù, bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Bí olóòtú bá tún ní kí ẹ dín in kù sí 80, àlàyé bí ó ṣe dé ibi iṣẹ́ òru ni kí ó kọ́kọ́ kúrò, lẹ́yìn náà gbólóhùn àwọn tí ń díbọ́n lódindi. Ẹ má gé ìdajì rẹ̀ kí ẹ fi ìdajì sílẹ̀.